Ẹ Fi Ìgúnpá Wo Omi Náà Kí Ọmọ Tó Débẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á sì fa àwo omi mọ́ra. Ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kànìnkànìn wà nínú omi, ooru ń yọ lójú àwo. Tí ìyàwó ilé bá rọra béèrè pé, "Màmá, ṣé omi yìí ò ti gbóná jù?", ó ti mọ èsì tí òun máa gbà: "Omi tí mo fi wẹ ọkọ rẹ náà nìyẹn."

Màmá ò fẹ́ ibi fún ọmọ. Ìdí wà tí omi ìwẹ̀ ọmọ fi máa ń gbóná lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní omi gbígbóná ló ń mú eegun ọmọ le. Wọ́n ní òun ló ń bọ́ ọ̀rá funfun tó bá ọmọ wáyé kúrò lára, kó má baà máa rùn tó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n ìdí kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ jáde, òun ni mo sì rò pé ó lágbára jù nínú gbogbo wọn. A kì í tẹ́ ọmọ sínú omi bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe. A ń bu omi dà á lára ni. Omi tí a bá dà sára bẹ́ẹ̀ á tẹ́ pẹlẹbẹ lórí awọ, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì tutù kíákíá. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ á rí i pé òtútù ń mú un, á ní omi ò gbóná tó, á tún bu gbígbóná sí i. Bẹ́ẹ̀ ni òtútù náà kò ti inú àwo wá. Ara tó rin omi tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí ló fà á, kò sì sí bí omi inú àwo ṣe lè gbóná tó tí ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Ohun tó kàn dájú ni pé igbá àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bù, èyí tí kò tíì rí àyè tutù, máa bá ọmọ pẹ̀lú gbogbo ìgbóná rẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ nípa omi, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa yàrá. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, ẹ má wẹ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Yàrá tó bá wà ní digírì 25 sókè ti dára fún ọmọ tuntun, ilé wa sì sábà máa ń tó bẹ́ẹ̀ tàbí kó jù ú lọ, àfi ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ẹ fi táwẹ̀lì gbígbẹ bo apá ibi tí ẹ ò tíì dé. Ẹ fi orí sí ìgbẹ̀yìn, kí ẹ sì nu ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, torí pé orí ọmọ tuntun tóbi sí ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ooru ti ń jáde jù. Tí ìwẹ̀ náà ò bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, tí táwẹ̀lì sì wà nítòsí, ọmọ ò ní gbọ̀n, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí ìdí tó fi yẹ kí omi gbóná ju bó ti yẹ lọ.

Báwo ló ti yẹ kó gbóná tó? Digírì 37 sí 38, ní ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń wọn ibà nílé ìwòsàn. Kò ṣòro láti rántí, torí pé ara ọmọ tí ara rẹ̀ le fúnra rẹ̀ wà láàárín 36.5 sí 37.5. Omi tó bá ara dọ́gba, tàbí tó fi díẹ̀ jù ú lọ, kò ní gba ooru lára ọmọ, kò sì ní fi ooru kún un. Tí omi bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ 36, á bẹ̀rẹ̀ sí fa ooru jáde lára ọmọ, ọmọ tuntun ò sì ní ẹran ara àti ọ̀rá tó pọ̀ tó láti fi dípò rẹ̀. Ọmọ tí kò tó oṣù tàbí tí kò wọ̀n tó nígbà tí wọ́n bí i ni èyí ń yọ lẹ́nu jù. Ẹni tó bá ka ìwé yìí tó sì sáré lọ fi omi tútù wẹ ọmọ ò tíì gbọ́ mi yé.

Àmọ́ òkè ni ewu tó burú jù wà. Ní ọdún 1947, àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, Moritz àti Henriques, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí bí ìgbóná ṣe ń jó awọ àti bí ó ṣe ń pẹ́ tó kó tó jó o. Títí dòní, iṣẹ́ wọn ni àwọn dókítà ìjóná ṣì ń tọ́ka sí. Wọ́n rí i pé bí omi bá wà ní digírì 49, ó máa gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá kó tó ba awọ àgbàlagbà jẹ́ pátápátá. Tí ó bá di 60, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ti tó. Ẹ wo bí ó ti já lulẹ̀: digírì mọ́kànlá péré ló wà láàárín méjèèjì, àkókò tí ènìyàn ní láti fi sá sì ti dín láti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sí ìgbà tí ènìyàn fi lè pe orúkọ ara rẹ̀. Awọ àgbàlagbà nìyẹn o. Awọ ọmọ tuntun tín-ín-rín ju tiwa lọ, ó ń jó ní àkókò tó kéré sí èyí, ọmọ náà ò sì lè yẹra tàbí fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ohun tó lè ṣe ò ju kó ké lọ. Igbe yẹn kan náà ló sì ń ké tí ebi bá ń pa á, tí wọ́n bá bọ́ aṣọ lára rẹ̀, tàbí tí ọṣẹ bá kan án lójú. Nítorí èyí, kò yẹ kí a máa dúró de igbe ọmọ kí a tó mọ̀ bóyá omi dára. Nígbà tí igbe yẹn bá jẹ́ ti omi, nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí wọ́n ṣe ń po omi náà, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Èyí tó pọ̀ jù lára wa kì í fa omi ìwẹ̀ ọmọ láti ẹnu ẹ̀rọ. A ń gbé e kaná, a ń dà á pọ̀ mọ́ omi tútù, ojú la sì ń fi wọ̀n ọ́n. Ẹ gbà pé omi inú dúrọ́ọ̀mù nílé yín ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ tí oòrùn ràn níwọ̀nba, wà ní digírì 27. Omi tó ń hó kùtùkùtù lórí iná wà ní 100. Ẹ mú ago ike kan náà, ẹ fi wọn méjèèjì.

Tí ẹ bá bu ago gbígbóná kan mọ́ ago tútù kan, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìdajì-ìdajì, omi náà máa jẹ́ bíi 63. Ẹ rántí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Tí ẹ bá fi ago tútù méjì sí gbígbóná kan, ó di 51, ó ṣì lè jó ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mẹ́ta sí ọ̀kan jẹ́ 45, àgbàlagbà máa ní ó dùn mọ́ òun lára tó bá rẹ̀ ẹ́, kò sì yẹ fún ọmọ. Mẹ́rin sí ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 41 àti ààbọ̀. Márùn-ún sí ọ̀kan jẹ́ 39, ó ti ń súnmọ́. Ìgbà tí ẹ bá fi ago tútù mẹ́fà sí gbígbóná kan ni ẹ tó dé 37 àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tó bá gbọ́ mẹ́fà sí ọ̀kan máa ń yà ní ẹnu, torí wọn ò rò pé omi híhó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè mú omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí ago náà bá gba lítà kan, ẹ ní lítà méje, ó sì tó fún báàfù ọmọ, kódà fún ìyá àgbà tó ń bu omi dà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ mẹ́fà sí ọ̀kan sára ògiri, kó wá fọwọ́ lẹ́rán. Tí ọyẹ́ bá dé, omi inú kànga tàbí dúrọ́ọ̀mù tó sun ìta lè sọ̀kalẹ̀ sí 20. Ago mẹ́fà irú omi bẹ́ẹ̀ sí gbígbóná kan á fún yín ní 31, òtútù á sì mú ọmọ. Mẹ́ta àti ààbọ̀ sí ọ̀kan ni ẹ nílò nígbà náà. Tí omi gbígbóná yín bá wá láti inú fúláásì tí ẹ ti rọ omi sí láti àná, kì í ṣe 100 mọ́. Tí ó bá ti rọ̀ sí 75, mẹ́rin sí ọ̀kan ló máa sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi táǹkì dúdú tó wà lórí òrùlé, tí oòrùn ọ̀sán ti pa á títí, lè ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un. Ìwọ̀n ago ń mú yín súnmọ́ ibi tí ẹ ń lọ, ó sì ń gbà yín lọ́wọ́ ìdajì-ìdajì. Ohun tó máa fọwọ́ sí i pé ẹ ti dé ibẹ̀ ni ara yín.

Omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ inú àwo, kí gbígbóná tó tẹ̀ lé e. Nílé tí ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun bá jẹ́ ọmọ ọdún méjì, tó ń rìn káàkiri tó sì fẹ́ fọwọ́ kan gbogbo nǹkan, àwo tí omi híhó nìkan wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, nígbà tí ẹ lọ bu omi tútù, lè jẹ́ ìbànújẹ́. Ẹ̀gbọ́n yẹn náà lè fara gbọgbẹ́ níbi ìwẹ̀ àbúrò rẹ̀. Kẹ́tù àti ìkòkò omi gbígbóná, ẹ gbé wọn jìnnà kí ẹ tó gbé ọmọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti po omi náà, ẹ rò ó dáadáa. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ, òkè ló máa ń léfòó sí, tútù á wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tàbí ṣíbí onígi rò ó kanlẹ̀, láti etí dé etí, kí ibì kan má baà gbóná ju ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá wo omi tí a kò rò ti wo òkè nìkan tàbí ìsàlẹ̀ nìkan, kò tíì wo omi tí ọmọ máa bá pàdé.

Ó wá kan ìgúnpá. Kí ló dé tí kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́? Àtẹ́lẹwọ́ àwa tí à ń dáná, tí à ń fọṣọ, tí à ń ro àmàlà lójú iná, awọ rẹ̀ ti ki. Ẹni tó lè fi ọwọ́ lásán gbé ìdérí ìkòkò tó ń hó kúrò lórí iná kò lè fi ọwọ́ yẹn kan náà ṣe ìdájọ́ omi ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ míì tún wà níbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ń sọ nípa omi dá lórí ibi tí ọwọ́ náà ti ń bọ̀. Ẹ lè dán èyí wò nílé. Ẹ gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀: ọ̀kan fún omi tútù láti inú fíríìjì, ọ̀kan fún omi tó gbóná bí ẹ ti lè fara dà á, èyí àárín fún omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ki ọwọ́ kan bọ tútù, ẹ ki èkejì bọ gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá ki méjèèjì pọ̀ bọ àwo àárín. Ọwọ́ kan máa sọ pé omi náà gbóná, èkejì máa ní ó tutù, omi kan náà sì ni. Ìyá àgbà tó ti ń fún táwẹ̀lì nínú omi gbígbóná láti jó ara ìyá ọmọ kó tó kan ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ wà nípò ọwọ́ kejì yẹn. Tí ó bá ní omi ọmọ tutù, òótọ́ lohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún un. Ọwọ́ náà ló ti ṣìnà.

Ìgúnpá kì í sábà sí nínú omi, ó sì máa ń wà ní ìpò rẹ̀ bí àtàárọ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ń fi ìgúnpá wo omi kò tọ̀nà. Wọ́n á fi ṣóńṣó egungun ibẹ̀ kan omi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fà á yọ. Awọ tó wà lórí ṣóńṣó yẹn gan-an ki, ó sì hunjọ. Ibi tó mọ nǹkan lára ni inú ìgúnpá, níbi tí apá ti ń ká, tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Nítorí náà, ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ nu apá gbẹ, ẹ tẹ gbogbo ìgúnpá sínú omi títí tí omi fi bo ibi tó ká yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ má yára fà á yọ, torí pé ìgbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi, ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tí kò bá rọrùn fún láti fi ìgúnpá ṣe é lè fi inú ọrùn ọwọ́ ṣe é, níbi tí iṣan ti ń lù.

Kí lẹ fẹ́ gbọ́ lára rẹ̀? Ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Awọ apá wa wà ní bíi digírì 33, omi tó bá wà ní 37 tàbí 38 á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé apá lé ara ẹlòmíràn. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tí ẹ ní, "Ó gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè fara dà á," omi náà ti kọjá ààlà. Ẹ bu tútù sí i, ẹ tún un rò, ẹ tún un wò. Ara kì í bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé ó ń dun òun títí omi á fi dé nǹkan bíi 43 sí 45, èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí ìgúnpá àgbà bá fi máa ní "Yéè!", omi náà ti fi digírì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ohun tó tọ́ sí ọmọ. Tí ó bá sì tutù sí yín ní apá, bó ti wù kó kéré mọ, ó ti tutù jù fún ọmọ.

Ìgúnpá ò lè sọ fún yín bóyá 37 ni tàbí 38, kò sì yẹ kó dà yín láàmú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dá omi 42 mọ̀ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n. Àwọn kan wà tí ìgúnpá wọn ò lè ṣe iṣẹ́ yìí o. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń bá jà tipẹ́, tó ń ní ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ òun ti kú tipiri, kò gbọ́ ìgbóná dáadáa mọ́. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan rẹ̀ náà kò lè gbára lé apá yẹn. Ọjọ́ orí nìkan pàápàá ń mú kí awọ ṣàìmọ ìgbóná lára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà lè jẹ́ ọ̀gá nínú wíwẹ ọmọ kí ó sì má jẹ́ ẹni tó yẹ kó wo omi. Ibí yìí ni ìyàwó ilé ti lè rí ọ̀nà tí kò mú ìjà dání. Kò sí ìdí láti sọ pé omi màmá gbóná. Ó lè kúnlẹ̀, kó ní, "Màmá, wọ́n ní nílé ìwòsàn pé èmi ni kí n máa fi ìgúnpá wo omi kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́." Kí ó wò ó, kó bu omi tútù sí i tó bá yẹ, kó gbé e fún wọn. Màmá ṣì ni ọ̀gá ìwẹ̀. Ẹlòmíràn ló kàn ń wo omi, bẹ́ẹ̀ sì ló yẹ kó rí ní gbogbo ilé tí ẹni méjì bá wà.

Àwọn kan á béèrè nípa ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà, èyí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ apá. Èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, tó bá jẹ́ irú tí omi ò lè bàjẹ́, ẹ lè ki ẹnu rẹ̀ bọ omi tí ẹ ti rò. Kò lè ka omi tó gbóná gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn kò kọjá 42 tàbí 43. Tí ó bá kọ̀ láti fún yín ní nọ́ńbà kan, ẹ má wẹ ọmọ. Onígíláàsì tí fàdákà olómi wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ má ki bọ omi gbígbóná rárá, torí ó lè fọ́, májèlé sì ni ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá ti wà nínú omi tàbí lórí itan, kí ẹnikẹ́ni má tún bu omi híhó sínú àwo náà mọ́. Bí omi bá ti ń tutù, ẹ parí ìwẹ̀. Tí ó bá pọn dandan kí ẹ fi gbígbóná kún un, ẹ fi táwẹ̀lì wé ọmọ, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ po ọ, ẹ rò ó, ẹ tún fi ìgúnpá wò ó. Ẹ tún ṣọ́ kànìnkànìn náà. Kànìnkànìn tó ti wà nínú omi gbígbóná mu omi yó, ó sì ń gbé ìgbóná náà lọ tààrà sí awọ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́, láìjẹ́ kí atẹ́gùn kọ́kọ́ fẹ́ sí i. Omi tí ẹ bu dà lè má jó ọmọ, kí kànìnkànìn tí ẹ fà yọ nínú àwo kan náà jó o.

Èyí gbé mi dé ọ̀rọ̀ ìwọ́. Fífi táwẹ̀lì tí a rì sínú omi gbígbóná jó ìwọ́ ọmọ, kí ó lè yára já, jẹ́ ohun tí mo rò pé ó yẹ kó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Ìwọ́ kò nílò ìgbóná kó tó já. Ó nílò kó wà ní mímọ́ kó sì gbẹ, á sì já fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Awọ ikùn ọmọ tuntun sì tín-ín-rín. Ọ̀rá funfun tó bá ọmọ wáyé náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń dáàbò bo awọ, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí a má tíì wẹ ọmọ títí ó kéré tán wákàtí 24 á fi kọjá lẹ́yìn ìbí rẹ̀, tí àṣà ò bá sì gbà bẹ́ẹ̀, kó tó wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Òórùn àgbà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìwẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn ènìyàn wa tó ń tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Mańṣẹ́sítà ní ìṣòro tiwọn, torí ẹ̀rọ ni omi gbígbóná wọn ti ń wá. Omi tí wọ́n ń tọ́jú sínú táǹkì gbígbóná nílé sábà máa ń wà ní 60, kí kòkòrò àrùn má baà dàgbà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2010 ni òfin ilé kíkọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí omi tó ń wọ báàfù nínú ilé tuntun má kọjá 48. Òfin yẹn kò kan àwọn ilé àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń gbé, 48 pàápàá kò sì yẹ fún ọmọ. Ẹ ṣí tútù kọ́kọ́, ẹ wá ṣí gbígbóná, kí ẹ tún fi tútù parí rẹ̀ kí ẹnu ẹ̀rọ náà má baà gbóná tí ọmọ bá fẹsẹ̀ kàn án. Ẹ má gbé ọmọ sínú báàfù nígbà tí omi bá ṣì ń ṣàn.

Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ìwé àwọn òyìnbó máa ń sọ pé kí ẹ wo bóyá awọ pupa. Lára ọmọ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ibi tó jó lè kàn ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè máa dán, ó lè wú, ó lè lé ròrò, tàbí kí awọ òkè bó kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun. Ẹ bọ́ aṣọ àti pámpà, àfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tó tutù níwọ̀nba máa ṣàn sórí ibi tó jó fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, tàbí kí ẹ máa rọra bu omi mímọ́ sí i láìdáwọ́ dúró. Kódà tó bá ti tó wákàtí mẹ́ta tó ti jó, ó ṣì wúlò. Ibi tó jó nìkan ni kí omi máa kàn. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé ìyókù ara ọmọ kí òtútù má baà mú un. Ẹ má fi áìsì sí i. Ẹyin, ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀, epo pupa, òrí, ẹ má fi ọ̀kankan kàn án, torí wọ́n ń dá ìgbóná dúró sínú awọ, wọ́n sì ń mú kó nira fún dókítà láti rí bó ti jinlẹ̀ tó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó fúyẹ́ bò ó, ẹ sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kódà bí ibi tó jó ò bá ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ. Ọmọ tuntun tí omi gbígbóná bá jó, dókítà ló gbọ́dọ̀ wò ó lọ́jọ́ náà gan-an.